Kí ló dé tí nọ́ńbà tó hàn fi lè jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ẹni tó pè kò sí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹnì kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní báǹkì mi ni òun ti ń pè. Nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44, fóònù sì kọ orúkọ Ìlú Ọba sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fu mí lára, mo pa fóònù. Nígbà tí mo pe nọ́ńbà náà padà, ìyá àgbàlagbà kan ló gbé e. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni, pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń pe òun padà lọ́jọ́ náà. Ṣé wọ́n jí nọ́ńbà ìyá náà lò ni? Bí ìpè náà ò bá sì ti Ìlú Ọba wá, báwo ni fóònù mi ṣe ní ibẹ̀ ló ti wá? Ṣé wọ́n lè fi nọ́ńbà tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Wọn ò jí nọ́ńbà ìyá náà. Fóònù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tó wọ inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó fún un ní nọ́ńbà kò sì mọ nǹkan kan nípa ìpè tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó pè yín kọ nọ́ńbà ìyá náà sí àyè tó yẹ kó kọ tirẹ̀ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpè náà gba ọwọ́ wọn kọjá gbé e fún ara wọn bẹ́ẹ̀, títí tó fi hàn lójú fóònù yín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo bí ìpè ṣe ń ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Mo fẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ̀tàn náà ń gbà wọlé gan-an, torí ẹni tó bá ti rí i kò ní fi kóòdù orílẹ̀-èdè ṣe ẹ̀rí ohunkóhun mọ́.

Orúkọ Ìlú Ọba tí ẹ rí yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fi í ránṣẹ́ sí yín, fóònù yín fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Àkójọ kan wà nínú fóònù tó so kóòdù kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ orílẹ̀-èdè tó ni ín. Bí fóònù ṣe rí 44 lẹ́yìn àmì +, ó wo àkójọ yẹn, ó bá Ìlú Ọba níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ síta. Kò wádìí ibi tí ìpè ti wá, kò tilẹ̀ ní ohun tó lè fi wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi 81 ránṣẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, Japáànù ni ì bá kọ.

Kóòdù yẹn gan-an kò fi ìgbà kan jẹ́ àmì ibi tí èèyàn wà. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ló ṣe ìlànà tí wọ́n ń pè ní E.164. Ó ní nọ́ńbà kan kò gbọ́dọ̀ ju òǹkà 15 lọ, pé òǹkà kan sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ kóòdù. Ohun tí kóòdù ń sọ ni inú ètò nọ́ńbà ta ni wọ́n ti fa nọ́ńbà náà yọ. Amẹ́ríkà, Kánádà, Jàmáíkà àti ọ̀pọ̀ erékùṣù tó yí wọn ká ló jọ ń lo +1. Rọ́ṣíà àti Kasakisitáánì jọ ń lo +7. +881 wà fún fóònù tó ń gba orí sátẹ́láìtì, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan tó ni ín. Nítorí náà, kódà tí nọ́ńbà bá jẹ́ òótọ́, tí kò sí jìbìtì nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín lè jókòó síbikíbi láyé.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ìdí tí nẹ́tíwọ̀kì fi gba nọ́ńbà irọ́ láàyè. Nígbà tí ìpè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìsọfúnni kékeré kan ló ń ṣáájú ohùn lọ. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú rẹ̀: ti ẹni tí wọ́n ń pè àti ti ẹni tó ń pè. Ti ẹni tí wọ́n ń pè ni nẹ́tíwọ̀kì fi ń ṣiṣẹ́. Òun ló fi ń mọ ọ̀nà tí ìpè yóò gbà, ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e fún, àti iye tí wọn yóò gbà lórí rẹ̀. Bí òǹkà kan péré bá yí nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ni fóònù rẹ̀ máa dún. Ti ẹni tó ń pè kò ní irú iṣẹ́ yẹn. Ńṣe ni wọ́n kàn ń gbé e lọ, bí ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe máa ń gbé lẹ́tà dé ibi tó ń lọ láìbìkítà bóyá àdírẹ́sì tí ẹni tó kọ ọ́ kọ sẹ́yìn jẹ́ òótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó pàápàá kò dúró lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ méjì tó so pọ̀ ń ka iye ìṣẹ́jú tó gba ojú ọ̀nà tó wà láàárín wọn àti ibi tí ìpè ń lọ, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò owó fún ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń pàdánù kọ́bọ̀ nínú wọn nítorí pé nọ́ńbà ẹni tó pè jẹ́ irọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà, ju inú ẹ̀rọ lọ.

Láyé àtijọ́, ìyẹn kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà ẹni tó ń pè. Ó mọ wáyà tó wọ ilé oníbàárà, ó sì mọ nọ́ńbà tó so mọ́ wáyà náà. Nǹkan yí padà nígbà tí àwọn ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀rọ ìpè tiwọn, pàápàá nígbà tí ìpè bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ oníbàárà ló ń kọ nọ́ńbà báyìí, ilé-iṣẹ́ fóònù àkọ́kọ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìpè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní ọmọ gbájúẹ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí Ìlú Ọba, ẹni tó fẹ́ pè sì wà ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà tí mo lò nísàlẹ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, kò sí ẹni tó ń lò wọ́n. Ọmọ gbájúẹ̀ náà ní kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ìpè ọ́fíìsì. Ó sanwó fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta ìṣẹ́jú ìpè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ohun tó jọ èyí ránṣẹ́:

```
INVITE sip:+12025550143@gw.example.net SIP/2.0
From: <sip:+442079460123@example.com>
To: <sip:+12025550143@gw.example.net>
```

Ìlà `From` ni ẹ máa wò. Ọ̀rọ̀ lásán ni, bí èèyàn ṣe ń tẹ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù. Ó lè tẹ +44, ó lè tẹ +33, ó lè tẹ nọ́ńbà báǹkì yín gan-an. Bí ilé-iṣẹ́ kékeré yẹn bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, yóò wo nọ́ńbà tó fún oníbàárà yìí, yóò rí i pé +442079460123 kò sí lára wọn, yóò sì dá ìpè náà dúró tàbí kó fi nọ́ńbà tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ibẹ̀ ni àǹfààní tó dájú jù láti mú irọ́ náà ti kọjá.

Ilé-iṣẹ́ kékeré náà kò ní ọ̀nà tó lọ tààrà sí Amẹ́ríkà. Ó gbé ìpè fún ilé-iṣẹ́ kejì tí iye rẹ̀ kò wọ́n, ìyẹn gbé e fún ẹ̀kẹta tó so pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Kò sí èyí tó bá oníbàárà pàdé rí lára àwọn tó wà láàárín wọ̀nyí. Ohun tí ẹ̀kẹta rí kò ju pé ìpè kan dé láti ọwọ́ ẹ̀kejì, nọ́ńbà tó gbé wá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44. Ìlà mìíràn wà, `P-Asserted-Identity`, tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi sọ pé òun fúnra òun jẹ́rìí sí nọ́ńbà yìí. Ṣùgbọ́n tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti da irọ́ oníbàárà kọ sínú ìlà yẹn náà, àwọn tó kù á gbà á gbọ́ nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn.

Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń lò kí ìpè tó bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àmì kékeré kan tó ń tẹ̀ lé nọ́ńbà. Àmì náà máa ń sọ bóyá oníbàárà ló mú nọ́ńbà wá tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí nẹ́tíwọ̀kì ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó dùn mí pé fóònù kì í fi àmì yẹn han ẹni tí wọ́n ń pè. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò àti èyí tí nẹ́tíwọ̀kì kọ fúnra rẹ̀ rí bákan náà lójú fóònù.

Ẹ tún ìrìn àjò ìpè yẹn wò, ẹ ó rí i pé kò kan Ìlú Ọba níbì kankan. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, Ofcom, ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ máa dí ìpè tó ti òkèèrè wọlé bí ó bá ń fi nọ́ńbà ilé tàbí ọ́fíìsì Ìlú Ọba hàn. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ìpè ní Ìlú Ọba ló ń dáàbò bò. Ìpè tó ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, tó kàn gbé +44 rìn, kò ní dé iwájú ẹ̀rọ kankan tó ní àkójọ nọ́ńbà Ìlú Ọba lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ gbájúẹ̀ fi máa ń fẹ́ràn kóòdù orílẹ̀-èdè kẹta. Bó bá lo nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, ilé-iṣẹ́ yín lè béèrè pé báwo ni nọ́ńbà ilé ṣe ń ti òkèèrè wọlé. Bó bá lo +44, kò sí ìdí tí wọn yóò fi béèrè, torí òkèèrè náà ni wọ́n retí kó ti wá.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi kúkú dí gbogbo ìpè tí kóòdù rẹ̀ kò bá ọ̀nà tó gbà wọlé mu. Wọn yóò ba ti ọ̀pọ̀ olóòótọ́ jẹ́ ni. Ẹni tó gbé síìmù rẹ̀ rìnrìn àjò ń fi nọ́ńbà ilé pe àwọn ará ilé rẹ̀ láti òkèèrè, òótọ́ sì ni nọ́ńbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn láti máa dá oníbàárà lóhùn fẹ́ kí nọ́ńbà olú ilé-iṣẹ́ hàn, kí oníbàárà lè rí ibi pè padà. Nọ́ńbà ilé kì í rìnrìn àjò, ìyẹn ló mú kí dídí rẹ̀ rọrùn. Ti nọ́ńbà alágbèéká le díẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó gba ìpè ní láti bi ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà náà bóyá síìmù yẹn wà lókè òkun lásìkò yẹn. Fínlándì ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ máa ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tiwọn nìkan ni wọ́n lè ṣe é fún.

Singapọ̀ gba ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí bó ṣe rọrùn tó. Láti ọdún 2020, gbogbo ìpè tó bá ti òkèèrè wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì + sí níwájú, ìpè abẹ́lé kì í sì í ní in. Ẹni tí nọ́ńbà tó jọ ti abẹ́lé bá hàn sí pẹ̀lú + níwájú mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òkèèrè ni ìpè ti ń bọ̀. Kò sọ orílẹ̀-èdè wo, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yẹn jẹ́ òótọ́, torí ẹnu ọ̀nà tí ìpè gbà wọlé ló fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun tí ẹni tó pè kọ.

Mo ní láti mẹ́nu ba ọ̀ràn kan tí kì í ṣe jìbìtì rárá, torí mo ti rí àwọn tó fi ẹ̀sùn kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nítorí rẹ̀. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà kan bíi 202 555 0143 ní òǹkà 10, kóòdù 1 ló sì yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan bá gbàgbé 1 yẹn, tí ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà sì kàn fi + síwájú ohun tó rí, yóò di +2025550143. Fóònù tó gbà á yóò ka òǹkà méjì àkọ́kọ́, yóò bá 20, yóò sì sọ pé Íjíbítì ni. Ẹni tó pè wà ní Washington, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà New York tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 212 ṣe lè di ti Mòrókò, tí ti apá kan ìpínlẹ̀ Ohio tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 sì lè di ti Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yọ àmì + kúrò, kí ẹ fi 1 síwájú, kí ẹ wá wò ó bóyá ó jẹ́ nọ́ńbà ẹni tí ẹ mọ̀. Òǹkà 10 géérégé lẹ́yìn + máa ń jẹ́ àmì tó dára láti fura sí àṣìṣe yìí.

Ẹ ti lè gbọ́ nípa àmì tí fóònù kan máa ń fi hàn pé wọ́n ti yẹ nọ́ńbà wò. Ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ STIR/SHAKEN. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pa á láṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó pẹ́ tán, ní 30 Oṣù Kẹfà 2021. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ máa ń buwọ́ lu ìpè lọ́nà tí kò ṣeé dà kọ, yóò sì fún un ní ìpele A, B tàbí C. A túmọ̀ sí pé ó mọ oníbàárà náà, ó sì mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà yẹn. B ni pé ó mọ oníbàárà ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí nọ́ńbà. C ni pé ó kàn gba ìpè náà wọlé láti ibòmíràn. Ìpè inú àpẹẹrẹ wa tó gbé +44 rìn, C ló máa ń gbà tí ó bá dé ẹnu ibodè Amẹ́ríkà. Ààlà ètò náà hàn gbangba. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìbuwọ́lù náà lè rìn, bí ìpè bá gba ẹ̀rọ àtijọ́ kọjá níbì kan, ó já nìyẹn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kódà ìpele A kò sọ ibi tí ẹni náà jókòó sí, kò sì sọ pé olóòótọ́ ni.

Ẹ ti ṣe àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ láìmọ̀: ẹ pe nọ́ńbà náà padà. Ìpè tí ẹ̀yin pè ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni nọ́ńbà ní tòótọ́, torí nínú ìpè yẹn, nọ́ńbà ìyá náà ti di èyí tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń wá ọ̀nà. Ọmọ gbájúẹ̀ kò lè gba ìpè lórí nọ́ńbà tó kàn kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe àyẹ̀wò yìí fún ìpè tó dún lẹ́ẹ̀kan tó sì gé láti orílẹ̀-èdè tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni. Nínú jìbìtì yẹn, nọ́ńbà tó hàn máa ń jẹ́ èyí tí pípè rẹ̀ wọ́n gan-an, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ sì ń pín nínú owó tí ẹ fi pè é. Fún ìpè tó ní báǹkì ni òun ti wá, ẹ pa fóònù, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Bí ẹni náà bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má pa á, tó ní kí ẹ wo nọ́ńbà òun lójú fóònù kí ẹ fi mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á kíá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìpè dé títí dé ìṣẹ́jú, pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín àti nọ́ńbà tó hàn, kí ẹ gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ fóònù yín. Nínú àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n lè rí ilé-iṣẹ́ tó gbé ìpè náà fún wọn, torí ọmọ gbájúẹ̀ kò lè fi ojú ọ̀nà tí ìpè gbà wọlé pamọ́ bó ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Ìyẹn náà á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọ padà ní ìpele-ìpele. Ẹ tètè lọ, nítorí wọn kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè títí láé.

Ní ti nọ́ńbà tiyín, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìlà `From` bí wọ́n ṣe kọ ti ìyá yẹn. Kò sí bọ́tìnì kankan nínú fóònù yín tó lè dí i, torí ìpè náà kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ó mọ̀ nígbà tí àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín pẹ̀lú ìbínú. Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn bí ìyá náà ṣe dá yín lóhùn, kí ẹ sì yí ohùn tó ń kí àwọn olùpè padà, kó máa sọ pé àwọn kan ń fi nọ́ńbà yín tan èèyàn jẹ. Ẹ kò nílò láti pààrọ̀ síìmù. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí: bí àpótí ohùn yín bá ń ṣí láìbéèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ nígbà tí ẹ bá fi fóònù yín pè é, ẹ fi ọ̀kan sí i. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi nọ́ńbà tó pè nìkan dá ẹni tó ni àpótí mọ̀, ẹ sì ti rí bó ṣe rọrùn tó láti kọ nọ́ńbà yẹn.